Ìdí Tí Fóònù Áńdíróìdì Fi Ń Sọ Pé “App not installed”

“App not installed” ni gbólóhùn tó máa ń jáde nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ fi áàpù sórí fóònù Áńdíróìdì, tí fóònù sì kọ̀ ọ́. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kì í ti Play Store wá. Fáìlì rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .apk, ni ènìyàn gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí tí ọ̀rẹ́ kan fi Xender ránṣẹ́ sí i. Ẹni náà á tẹ Install, ìlà kan á máa sáré lójú fóònù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, gbólóhùn yìí á sì yọ. Fóònù mọ ìdí tó fi kọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ọ́. Àwọn fóònù kan ṣàánú díẹ̀, wọ́n ń fi “package conflicts with an existing package” tàbí “package appears to be invalid” kún un. Kí ẹni tó bá rí irú àfikún bẹ́ẹ̀ má sáré tẹ OK, torí òun ló ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Nínú gbogbo fáìlì .apk ni ìwé kan wà tó ń jẹ́ AndroidManifest.xml, inú rẹ̀ sì ni orúkọ tí fóònù fi mọ áàpù náà wà. Orúkọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí ojú ń rí lábẹ́ àwòrán áàpù. Com.whatsapp ni fóònù mọ WhatsApp sí, bí àpẹẹrẹ. Áàpù méjì kò lè jọ jẹ́ orúkọ kan náà lórí fóònù. Bí fáìlì tuntun bá gbé orúkọ tó ti wà nílẹ̀ dé, fóònù á kà á sí ẹ̀dà tuntun ti áàpù àtijọ́, á sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ló ti wá lóòótọ́.

Ìbuwọ́lù ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe áàpù ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tí òun nìkan mọ̀, òun ló sì fi ń buwọ́ lu fáìlì kó tó fi síta. Fóònù lè yẹ ìbuwọ́lù náà wò láì rí kọ́kọ́rọ́ yẹn rárá. Lọ́jọ́ tí áàpù bá kọ́kọ́ wọlé, fóònù á fi àmì ẹni tó buwọ́ lù ú pamọ́. Fáìlì yòówù tó bá tún dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ ní àmì kan náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé.

Ìdí tí Áńdíróìdì fi le koko lórí èyí ni pé áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ tí àwọn yòókù kò lè wọ̀, níbi tó ń kó ọ̀rọ̀ ìwọlé àti gbogbo àkọsílẹ̀ oníbàárà sí. Ẹ̀dà tuntun ló ń jogún yàrá náà bó ṣe wà. Bí kò bá sí àyẹ̀wò ìbuwọ́lù, olè kan ì bá ṣe ayédèrú áàpù báńkì, ì bá fún un ní orúkọ ti báńkì gan-an, yóò sì bá gbogbo ohun tó ń wá nínú yàrá nílẹ̀. Fóònù kò lè mọ olè yàtọ̀ sí olóòótọ́, ìbuwọ́lù nìkan ló ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ fáìlì tí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú pẹ̀lú.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ni GBWhatsApp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tún WhatsApp ṣe báyìí kò ní kọ́kọ́rọ́ WhatsApp lọ́wọ́, tiwọn ni wọ́n fi ń buwọ́ lù ú. Àwọn kan yí orúkọ rẹ̀ sí com.gbwhatsapp, ìyẹn á sì wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó láìsí wàhálà. Àwọn mìíràn fi orúkọ sílẹ̀ ní com.whatsapp, ibẹ̀ ni fóònù ti ń kọ̀ títí ojúlówó yóò fi kúrò. Ẹni tó bá yọ ojúlówó torí ìyẹn ti gbé ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, WhatsApp sì máa ń ti nọ́ńbà àwọn tó ń lo irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ pa.

Ti Termux yàtọ̀, torí kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Termux ni áàpù tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń tẹ àṣẹ lórí fóònù. Ó wà ní Play Store, ṣùgbọ́n ní 2020 ẹ̀dà ibẹ̀ dúró sójú kan, àwọn tó ń ṣe é sì ní kí àwọn ènìyàn lọ gba tuntun ní F-Droid tàbí GitHub. Com.termux ni orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo. Àmọ́ F-Droid fúnra rẹ̀ ló kó tirẹ̀ jọ láti inú kóòdù tó wà ní gbangba, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló sì fi buwọ́ lù ú. Ti GitHub ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Ẹni tó ti ní ti Play Store lórí fóònù, tó wá tẹ fáìlì F-Droid, “App not installed” ni yóò rí. Ẹni tó bá fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, tó tan USB debugging, tó sì fi àṣẹ yìí gbìyànjú rẹ̀, yóò rí ìdí rẹ̀ gan-an:

```
adb install termux.apk
Failure [INSTALL_FAILED_UPDATE_INCOMPATIBLE: ...]
```

Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ń sọ pé ìbuwọ́lù tuntun kò bá ti àtijọ́ mu. Kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá sí i ju kó yọ ti àtijọ́ kúrò lọ, bẹ́ẹ̀ yíyọ áàpù ni yíyọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀. Nítorí náà, kí ó tó yọ ọ́, kó kọ́kọ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nínú Termux àtijọ́ ni yóò ti tẹ àṣẹ méjì yìí:

```
termux-setup-storage
tar -zcf /sdcard/ile.tar.gz -C /data/data/com.termux/files ./home
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń tọrọ àyè láti kọ nǹkan síta, èkejì ń di gbogbo ohun tó wà nínú home sínú fáìlì kan lórí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni yíyọ lè bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ sórí Termux nìkan. Àwọn àfikún rẹ̀ bíi Termux:API ń bá a lo ìdánimọ̀ kan náà lórí fóònù, torí náà ìbuwọ́lù gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù látinú ti àtijọ́, tuntun á tún kọ̀, ọ̀rọ̀ tí adb yóò sọ nígbà náà ni INSTALL_FAILED_SHARED_USER_INCOMPATIBLE.

Nígbà mìíràn, ẹni náà á búra pé òun ti yọ áàpù náà, fóònù á sì ṣì máa kọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn lórí fóònù kan náà: lọ́dọ̀ oníṣe kejì, nínú Secure Folder ti Samsung, tàbí nínú àyè tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣí fún iṣẹ́. Àyè wọ̀nyí yàtọ̀ lójú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìbuwọ́lù kan ni gbogbo wọn ń lò. Ní ti áàpù tó bá fóònù wá láti iléeṣẹ́, kò ṣeé yọ pátápátá, torí náà fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yàtọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbuwọ́lù, àyè ló tún ń dí áàpù lọ́wọ́ jù, ìṣirò rẹ̀ ló sì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Fáìlì 80 MB kì í gba 80 MB péré. Fóònù kọ́kọ́ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tirẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú Download, ó sì lè tú apá kan rẹ̀ síta, kó sọ apá kan di èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò tètè gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, Áńdíróìdì ní àyè kan tí kì í jẹ́ kí áàpù fọwọ́ kàn: ìdá 5 nínú 100 ibi ìpamọ́ rẹ̀ tàbí 500 MB, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì, àyàfi bí ẹni tó ṣe fóònù bá yí i padà. Ká mú fóònù kan tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 20 GB. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 1 GB, nítorí náà 500 MB ni yóò pamọ́. Bí Settings bá fi hàn pé 550 MB ló ṣẹ́ kù, nǹkan bí 50 MB ni áàpù tuntun lè rí lò, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí fóònù bá lè rí nípa pípa káàṣì àwọn áàpù yòókù rẹ́. Fáìlì 80 MB yẹn lè má wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń rí 550.

Fídíò WhatsApp ló sábà ń jẹ àyè jù, inú Android/media/com.whatsapp ni wọ́n sì ń gbé. Kíkó wọn lọ sórí mẹ́mórì káàdì ń ran ni lọ́wọ́, torí inú fóònù fúnra rẹ̀ ni àyè ti gbọ́dọ̀ ṣí. Bó bá jẹ́ orí káàdì ni fáìlì .apk wà, ó dára kí a kọ́kọ́ dà á kọ sínú fóònù, pàápàá bí káàdì náà bá ti ń gbó. Káàdì tí kò kà dáadáa á mú kí fáìlì tó pé dà bí èyí tó bàjẹ́.

Fáìlì tó bàjẹ́ lóòótọ́ náà kò ṣọ̀wọ́n. Bí nẹ́tíwọ́kì bá já nígbà tí ó ń wọlé, ìbuwọ́lù rẹ̀ kò ní bá a mu. Wíwo ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n kọ síbi tó ti wá tó láti mọ̀. Èyí tó ṣòroó fura sí ni fáìlì tó pé ní ìwọ̀n, àmọ́ tó jẹ́ apá kan áàpù. Láti oṣù kẹjọ 2021 ni Google ti ní kí áàpù tuntun máa wọ Play Store ní irú èyí tí wọ́n lè pín sí wẹ́wẹ́, kí fóònù kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀nba tó bá a mu. Ẹni tó bá wá mú base.apk nìkan láti orí fóònù tirẹ̀ fi ránṣẹ́, ìdajì ló fi ránṣẹ́, INSTALL_FAILED_MISSING_SPLIT sì ni adb yóò sọ. Kí onítọ̀hún wá fáìlì tó pé dípò rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí fáìlì pé, tí àyè wà, tí ìbuwọ́lù sì dára, síbẹ̀ tí fóònù á kọ̀. Ẹ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti èyí tó wà nílẹ̀ kì í wọlé lé e lórí. Áàpù tí wọ́n ṣe fún kìkì ẹ̀rọ 64-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù 32-bit. Láti Áńdíróìdì 14 sì ni fóònù ti ń kọ áàpù tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n Áńdíróìdì tó ti pẹ́ ju 6.0 lọ, torí ọ̀nà tí irú wọn fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ onífóònù ti di ti àtijọ́, àwọn oníjìbìtì sì fẹ́ràn rẹ̀. Fún méjì tó kẹ́yìn yìí, kò sí ohun tí onífóònù lè tún ṣe lórí fóònù rẹ̀ láti inú Settings. Fáìlì mìíràn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe áàpù ló nílò.