Màmá Kò Pè Ọ́, Ó Kàn Ń Béèrè Rẹ Ni

Bí òkú bá pe ènìyàn lójú àlá, kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún un: má dáhùn, má sì tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó ń pè é bá ṣì wà láàyè ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìyá tó bí i ni, tí ìyá wà ní Ìwó, tí ọmọ sì sùn sí Mánṣẹ́sítà?

Irú àlá bẹ́ẹ̀ ló mú kí olùkọ́bìnrin kan ní Ìwó, tí a kò ní dárúkọ, jókòó kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni àbúrò yìí ń ṣe ní Ìlú Ọba. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló fi ń sùn. Nínú àlá náà, ó rí ìyá wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, tó ń fi oríkì pè é, tó ní kó máa bọ̀ nílé. Bó ṣe ta jí, kò lè sùn mọ́. Kò pe ìyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lórí Wátsáàpù: “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi?”

Ìbéèrè yẹn ló bí lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ fi ìpè fóònù dáhùn, torí pé etí ìyá kì í jìnnà sí fóònù nínú ilé wọn, ó sì fẹ́ ohun tí àbúrò òun lè tún kà nígbà tó bá dé láti ibi iṣẹ́. Ó fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ó ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe àlá nìkan ló ń ba àbúrò lẹ́rù. Àwọn tó wà lókè òkun mọ̀ pé ilé máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn. Àìsàn tó gbé bàbá dé ọsibítù, “ibà díẹ̀ ni” ni wọ́n máa sọ fún ọmọ. Ikú mìíràn wà tí wọn kì í sọ títí ọmọ yóò fi parí ìdánwò. Mùsùlùmí ni ìdílé yìí, Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú pamọ́: bí ènìyàn bá kú láàárọ̀, wọ́n sábà máa ń sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ tó wà ní Mánṣẹ́sítà mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fi ìyá òun sílẹ̀ de ọkọ̀ òfúrufú. Nítorí náà, nígbà tó rí ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé bóyá wọ́n ti sin ín.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà kò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gígùn. “Màmá wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun dáadáa,” ni ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀. “Má ka ibi tó kù báyìí o. Kọ́kọ́ pè wọ́n ní fídíò, kí o rí ojú wọn, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀, kí o tó padà wá ka lẹ́tà mi. Ṣùgbọ́n má rọ́ àlá yẹn fún wọn.”

Ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ rọ́ ọ. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí wọ́n bá sọ fún un pé wọ́n rí i lójú àlá tó ń pe ọmọ, ohun méjì ló lè rò. Ó lè rò pé ikú òun ti sún mọ́lé, ó sì lè rò pé wọ́n fẹ́ pe òun ní àjẹ́. Ẹ̀rù kejì yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni àwọn ọmọ wọn ti takété sí nítorí pé ẹnì kan lá àlá, tí ẹlòmíràn sì túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí náà. Kí lẹ́tà tó dé, ọ̀rẹ́ tí àbúrò ń bá gbé ilé ti mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Wòlíì ní àwọn ayé ló gbé àwọ̀ ìyá wọ̀ láti fi pè é, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má sì fẹsẹ̀ tẹ ilé lọ́dún yìí. Ìtumọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń bẹ̀rù àpèta, ìyẹn ni kí wọ́n fi oògùn pe orúkọ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kí ibi lè bá a níbi tó wà. Àwọn ìjọ Aládùúrà tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa láti nǹkan bí ọdún 1920 síwájú fún àlá àti ìran ní àyè ńlá nínú ìjọsìn wọn, wọn kò sì fojú kékeré wo irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bú wòlíì nínú lẹ́tà rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé: “Bí àwọn ayé bá gbé àwọ̀ Màmá wọ̀, Màmá gan-an ńkọ́? Ṣé àwọn náà ni o kò ní wá wò?”

Òun náà wá ìtumọ̀ lọ. Ó tọ ààfáà àdúgbò wọn lọ, ààfáà sì rán an létí ohun tí Ànábì sọ nínú hádíìsì: ọ̀nà mẹ́ta ni àlá pín sí. Ọ̀kan jẹ́ ìró ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ọ̀kan jẹ́ ìbànújẹ́ láti ọ̀dọ̀ èṣù, ẹ̀kẹta sì ni ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá lá èyí tó burú, kí ó tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó fi Ọlọ́run ṣe ìsádi, kí ó yí ìhà tó fi sùn padà, kí ó má sì rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ààfáà ka èyí tán, ó bi obìnrin náà ní ohun kan: kí ni àbúrò rẹ gbọ́ gbẹ̀yìn kó tó sùn?

Ó lọ yẹ fóònù ìyá wò, ó sì bá ìdáhùn níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àlá náà, ìyá ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí Wátsáàpù, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, pé ìgbà wo ni tirẹ̀? Àbúrò kò ráyè gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, nígbà tó dé ilé, orí ibùsùn ló ti gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, oorun sì gbé e lọ. Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ ní Mánṣẹ́sítà, kò sí ẹni tó ń fi oríkì pè é. Ohùn tó gbọ́ lójú àlá, ohùn tó wà nínú fóònù rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ nípa oorun kò ta ko ààfáà níbi yìí. Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Ṣìkágò kọ̀wé nípa ìpele oorun kan tí ẹyinjú máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ìgbà yẹn ni àlá tó mọ́lẹ̀ kedere sábà máa ń wá. Ìpele yìí máa ń padà wá ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú síra wọn, òwúrọ̀ ló sì máa ń pẹ́ jù. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tó wá sùn láàárọ̀, kì í pẹ́ bọ́ sínú rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í sì í jẹ́ kó sùn dọ́ba, ẹni tó bá sì ta jí láàárín àlá ló máa ń rántí rẹ̀ jù. Èyí kò sọ ohun tí àlá túmọ̀ sí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ìdí tí tirẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀, tó sì fi rí bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ojú ìwé kẹta ni ẹ̀gbọ́n ti dáhùn ìbéèrè gan-an. Ó ní ohun kan wà tí òun kò tíì sọ. Oṣù méjì sẹ́yìn, orí ń fọ́ ìyá, nígbà tí nọ́ọ̀sì sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 168/98. Wọ́n tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn, ó ṣì ga. 140/90 sókè ni àwọn dókítà sábà máa ń kà sí ẹ̀jẹ̀ ríru bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọsibítù, nítorí náà wọ́n fún un ní oògùn tó ń lò láràárọ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀n gbẹ̀yìn jẹ́ 136/84. Ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò káàdì ọsibítù mọ́ lẹ́tà, kí àbúrò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ó tún kọ ọ́ pé kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ìyá máa ń fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, apá rẹ̀ á wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé máa ń ní nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ku bóyá kó wálé tàbí kó má wá. Ọkàn àbúrò ti ń sọ fún un pé kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n físà iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó sì ti kọ̀wé béèrè àfikún kó tó parí. Lábẹ́ òfin ìwọ̀lú ọdún 1971 ní Ìlú Ọba, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa gbé níbẹ̀ lórí àṣẹ àtijọ́ títí ìdáhùn yóò fi dé. Bó bá wá sí Nàìjíríà kí ìdáhùn tó dé, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìwé rẹ̀ yọ, àṣẹ àtijọ́ náà á sì dópin lọ́jọ́ tó bá jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bọ́. Àbúrò mọ òfin yìí. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rántí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì fi ìlà kan rán an létí: “Bí Màmá bá ń ṣàìsàn tó lè gba ẹ̀mí wọn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ pé kí o fi gbogbo ìwé yẹn sílẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Dúró gba ìwé rẹ, kí o wá lẹ́yìn rẹ̀, kí o lè padà síbi iṣẹ́ rẹ.”

Àdéhùn méjì ló fi parí lẹ́tà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni òun yóò máa fi nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ránṣẹ́, bó ga bó lọ sílẹ̀. Àbúrò náà yóò máa pe ìyá ní fídíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí oorun bá ti ń kùn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ má fi àìlera òbí pamọ́ fún wọn. Ẹ sọ nọ́ńbà, ẹ fi káàdì hàn, ẹ jẹ́ kí òbí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lá àlá náà, ẹ pe ìyá yín kí ẹ tó pe ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín.