Kí Ilé-iṣẹ́ Tó Wọ Ọjà Ìpín-Okòwò

Bí a bá kọ ìwé àlàyé olójú kan sí ìgbìmọ̀ olùdarí tí ó ń rò ó bóyá kí ilé-iṣẹ́ wọn wọ ọjà ìpín-okòwò ní Èkó, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: àpò ta ni owó yóò wọ̀?

Bí àwọn onílé-iṣẹ́ bá ta ìpín ọwọ́ wọn, àpò tiwọn ni; ilé-iṣẹ́ kò ní rí kọ́bọ̀ fi ra ẹ̀rọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá dá ìpín tuntun sílẹ̀, òun ni ó ni owó, ṣùgbọ́n agbára àwọn onílé-iṣẹ́ yóò dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdílé kan ni ó ni gbogbo mílíọ̀nù 6 ìpín. Wọ́n ta mílíọ̀nù 2 tuntun ní náírà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 100 náírà ni, kí a tó san owó alágbàtà àti agbẹjọ́rò. Ìdílé wá ní 6 nínú 8, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Iye ìbò tí òfin Nàìjíríà bèèrè gan-an nìyí kí a tó lè yí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ padà. Bí wọ́n bá ta mílíọ̀nù 3, ó di 6 nínú 9. Wọn yóò ṣì lè yan olùdarí; ṣùgbọ́n bí gbogbo onípìn-ín bá dìbò, wọn kò lè dá yí ìwé òfin padà mọ́.

Nítorí náà, kí ìwé náà parí sí iye ìpín tí a lè tà, kì í ṣe iye owó tí ó wù wá nìkan.