Kí A Tó Gbé Ọjà Fún Ẹni Tí Ó Fi Bítíkọ́ìnì Sanwó

Lára àwọn tí wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi bítíkọ́ìnì ránṣẹ́ sílé, àwọn kan sì wà nílé tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé: bí fóònù bá ti sọ pé owó ń bọ̀, ṣé owó ti dé nìyẹn? A ní kò tíì dé.

Ní báńkì, iye kan ṣoṣo ni ó wà níwájú orúkọ ẹni. Bí a bá ná nínú rẹ̀, a ó yọ ọ́ kúrò. Ìwé owó bítíkọ́ìnì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ayé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn owó tí a ti san fún ẹni, tí ẹni náà kò sì tíì ná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró gẹ́gẹ́ bí bébà owó nínú àpamọ́wọ́, a kò sì lè ya á sí méjì. Bí a bá fẹ́ ná an, odidi rẹ̀ ni a ó kó sílẹ̀, a ó sì gba ṣéńjì. Iye tí a ń rí lójú fóònù kò ju àròpọ̀ àwọn owó àìná wọ̀nyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan tí ó ń ta jẹnẹrétọ̀ ńlá ní bítíkọ́ìnì 0.03. Oníbàárà rẹ̀ ní owó àìná méjì: 0.02 àti 0.015. Ìkankan nínú wọn kò tó, nítorí náà ó kó méjèèjì sílẹ̀, ó di 0.035. Ó kọ 0.03 sí àdírẹ́sì oníṣòwò, ó sì kọ 0.0049 padà sí ti ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ṣéńjì. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ó ku 0.0001 tí a kò kọ sí ẹnikẹ́ni. Èyí ni owó iṣẹ́ àwọn tí a ń pè ní awakùsà, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wọn kó ìsanwó jọ sínú ìwé. (Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìsanwó, tí ó sì gbàgbé ṣéńjì, gbogbo ìyókù di tiwọn.) Oníbàárà fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ buwọ́ lù ú, ó sì rán an jáde.

Àwọn kọ̀ǹpútà yẹ ìbuwọ́lù náà wò, wọ́n sì wò ó bóyá a kò tíì ná owó méjèèjì tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tọ́, ìsanwó náà ń dúró de ìgbà tí awakùsà yóò mú un. Inú ìdúró yìí ni ewu wà. Oníbàárà lè kọ ìsanwó mìíràn tí ó tún kó 0.02 àti 0.015 kan náà, kí ó darí wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì fi owó iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù kún un. Ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni ó lè wọlé, èyí tí ó sanwó jù ni awakùsà sì sábà máa ń mú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni olè, nítorí a fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ há sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá ṣì ń kọ `Unconfirmed`, ọwọ́ oníbàárà ni owó ṣì wà.

Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 10 sí ara wọn, awakùsà kan a parí búlọ́ọ̀kù kan tí ìsanwó púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń yá, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́. Bí ìsanwó oníṣòwò wa bá wà nínú rẹ̀, ó ti rí ìfìdímúlẹ̀ kan. Búlọ́ọ̀kù tí ó tẹ̀lé e di ìkejì, bí ẹni ń mọ ògiri: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò ṣeé yọ láìwó èyí tí ó wà lókè.

Kí ló dé tí ìkan kò fi tó? Nítorí pé awakùsà méjì lè parí búlọ́ọ̀kù nígbà kan náà. Ògiri tí iṣẹ́ pọ̀ jù lára rẹ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé, wọn a sì pa èkejì tì. Satoshi Nakamoto ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 2008: bí ẹlẹ́tàn bá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára gbogbo awakùsà, lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù 6, àǹfààní tí ó ní láti borí kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Bí ó bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó di búlọ́ọ̀kù 24 kí ọkàn tó balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2013, àwọn kọ̀ǹpútà tí ètò wọn jẹ́ tuntun gba búlọ́ọ̀kù kan tí àwọn ti àtijọ́ kọ̀, ìwé náà sì pín sí méjì. Kí wọ́n tó padà ṣọ̀kan, wọ́n pa búlọ́ọ̀kù 24 tì, owó kan tí ó tó nǹkan bí 10,000 dọ́là, tí a ti gbà wọlé, ni a sì tún rí ná síbòmíràn.

Ní tiwa, ẹni tí ó bá ta ìwé tàbí oúnjẹ lè gba ìfìdímúlẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá ta jẹnẹrétọ̀ tàbí ilẹ̀, kí ó dúró de mẹ́fà, bíi wákàtí kan. Kí ó má sì wo àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Inú àpamọ́wọ́ tirẹ̀ ni kí ó ti ka iye ìfìdímúlẹ̀ náà.