Lẹ́ẹ̀dì Tàbí Kọnẹ́tọ̀: Wáyà Tó Já, Kí Ni Ká Fi So Ó?

Eku jẹ wáyà fáànù, ó ku fọ́nrán díẹ̀ kó já. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó fi eyín bó rọ́bà ara rẹ̀, a ó lọ́ bàbà méjèèjì mọ́ra, a ó wá fi téèpù dúdú wé e. Fáànù á sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí ooru bá ti mú téèpù yẹn fún oṣù mélòó kan, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́, etí rẹ̀ á ṣí, bàbà á yọjú síta.

Ọ̀nà méjì ló wà tó sàn ju èyí lọ. Ọ̀kan ni ká fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà náà pọ̀, ká sì fi rọ́bà asúnkì bò ó. Ìkejì ni kọnẹ́tọ̀, ìyẹn ike onísukúrúù tí wọ́n máa ń gé tà fúnni lójú-lójú. Àwọn kan gbà pé lẹ́ẹ̀dì niṣẹ́ ọ̀gá, pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kọnẹ́tọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wáyà náà yóò máa gbé ló yẹ kó pinnu èyí tí a ó lò.

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà fáànù yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, nítorí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí ẹni tó ṣe wáyà ilé ti gbé láífù síbi tó yẹ kí niúturà wà. Ẹ gé ibi tí eku jẹ dànù. Wáyà kéékèèké méjì ló wà nínú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fi bí ìbú ìka méjì gùn ju èkejì lọ, kí ẹ sì ṣe apá kejì ní òdìkejì, kí èyí tó gùn bá èyí tó kúrú pàdé. Báyìí, ojú ìsopọ̀ méjèèjì kò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí rọ́bà bá tilẹ̀ ya lọ́jọ́ kan, láífù kò ní kan niúturà.

Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ ti rọ́bà asúnkì bọ ara wáyà: kékeré kọ̀ọ̀kan fún wáyà kọ̀ọ̀kan, àti ńlá kan tí yóò bo gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gbàgbé gan-an nìyí. Wọ́n á jó o tán, ó máa ń dán gbinrin, ìgbà yẹn ni wọ́n á rí rọ́bà lórí tábìlì. Ẹ tì í jìnnà sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ooru má baà sún un kì kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bàbà méjèèjì dábùú ara wọn, kí ẹ sì yí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara èkejì ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń so wáyà báyìí láyé ọjọ́un, tí orúkọ ilé iṣẹ́ Wẹ́sítàn Yúníọ̀nù sì mọ́ ọn lára títí dòní. Bí a bá ṣe ń fà á ló ṣe ń le sí i. Ìyí yìí ló ń di wáyà mú. Lẹ́ẹ̀dì rọ̀, kò yẹ ká gbé ẹrù fífà lé e lórí.

Tánganran àti òjé ni wọ́n pò pọ̀ sínú lẹ́ẹ̀dì tó wọ́pọ̀, tánganran 60, òjé 40 nínú 100, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183°C. Ẹ fi ẹnu irin gbígbóná kan ìsàlẹ̀ bàbà, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan bàbà náà lókè. Ẹ má fi kan irin. Bí bàbà bá ti gbóná tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa lẹ́ẹ̀dì wọ àárín àwọn fọ́nrán. Èyí tó dára máa ń dán, ẹ ó sì ṣì máa rí àpẹẹrẹ ìyí àwọn fọ́nrán lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò dára á ṣù róbótó sórí bàbà bí omi lórí ewé kókò. Ìyẹn ò dì mọ́ bàbà rárá. Ẹ tún un gbóná. Ẹ ṣí fèrèsé nítorí èéfín, ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí májèlé ni òjé.

Tó bá ti tutù, tí kò sì ní ẹnu ṣóńṣó tó lè gún rọ́bà, ẹ fa rọ́bà bò ó, kó kọjá ojú ìsopọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rọ́bà yìí, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ nígbà tó gbóná, wọ́n sì jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá tún kàn án, á padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, tó sábà máa ń jẹ́ ìdajì fífẹ̀ tó rà wá. Nítorí náà, ẹ má ra èyí tó fẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ láítà lẹ fẹ́ lò, ẹ máa mú iná rẹ̀ rìn lábẹ́ rọ́bà láì jẹ́ kó kàn án. Dúdú tí ọwọ́ iná bá fi síbẹ̀, jíjó ni. Fún wáyà tí òjò yóò máa pa, ẹ béèrè èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú.

Kọnẹ́tọ̀ ò ní wàhálà tó báyìí. Inú ike rẹ̀ ni idẹ oníhò wà, pẹ̀lú sukúrúù méjì. Ẹ bó wáyà níwọ̀n tí kò fi ní sí bàbà kankan níta ike. Bí fọ́nrán rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó lè kún abẹ́ sukúrúù. Ẹ dè é, ẹ fà á wò. Inú àjà níbi tí wọ́n gbé fáànù òkè kọ́ sí gan-an ni ilé rẹ̀, nítorí wọ́n á tú fáànù yẹn lọ́jọ́ kan. Àmọ́ kò yẹ kó sùn sílẹ̀ láàárín yàrá. Kò ní ohun tó ń di èèpo wáyà mú, gbogbo fífà á já sí sukúrúù, èékánná ọmọdé sì lè wọ ihò tí sukúrúù wà, kó kan láífù. Fún wáyà fáànù wa, lẹ́ẹ̀dì ni mo mú. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì leku ti jẹ ẹ́, kò sídìí fún èyíkéyìí: ẹ gé e kúrú, kí ẹ tún púlọ́ọ̀gì dè.

Èyí tó burú jù ni ká pa méjèèjì pọ̀. Ẹlòmíì á fi lẹ́ẹ̀dì bo orí wáyà kó lè le, á wá kì í bọ kọnẹ́tọ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí sukúrúù bá ti ń tẹ lẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án lóru ni yóò máa sá lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí sukúrúù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ò fi ní di nǹkan kan mú mọ́. Ká ní ìdílọ́wọ́ tó wà níbẹ̀ ti wá di ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù. Fáànù oníwáàtì 60 kì í gbà tó ìlàjì áńpù, kò ní fura. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi kẹ́tù oníwáàtì 2,200 sórí ìlà yẹn, bíi áńpù mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi iye áńpù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá: ó tó wáàtì mẹ́sàn-án, ooru gbogbo nínú idẹ tí kò tó ìka. Ike á pọ́n, á di dúdú, òórùn á jáde. Bàbà lásán ni kí ẹ fi sábẹ́ sukúrúù, tàbí èyí tí wọ́n fi páìpù kékeré tẹ̀ mọ́ lórí.

Òfin wáyà ilé ní Bìrìtìkó, tí wọ́n ń pè ní BS 7671, kò fẹ́ kí a rẹ́ ìsopọ̀ onísukúrúù mọ́nú ògiri níbi tí ọwọ́ kò ti ní lè dé e mọ́, àmọ́ ó yọ èyí tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó sílẹ̀. Lára ọ̀kadà àti mọ́tò, lẹ́ẹ̀dì náà ní tirẹ̀. Ó máa ń gun inú fọ́nrán kọjá ibi tí a ti jó o, ibẹ̀ á gan, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń gbọ̀n, ibi tí líle ti pàdé rírọ̀ ni wáyà á ti ṣẹ́, lábẹ́ rọ́bà tí ojú ò rí. Riwáyà tó mọṣẹ́ máa ń so wáyà mọ́ férémù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ojú ìsopọ̀, kó má baà mì.