Bọ́tìnì Tó Ń Dáhùn Nígbà Kan, Tó Ń Dákẹ́ Nígbà Mìíràn

Oníbàárà tẹ bọ́tìnì ìrajà lórí fóònù rẹ̀, kò dáhùn. Ó tún ojú-ewé náà ṣí, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjà wọlé. Ó fi tó ẹni tó kọ ètò náà létí. Onítọ̀hún dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò rí àléébù kankan.

Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nínú ojú-ewé náà:

```html
<script async src="jquery.js"></script>
<script async src="ra.js"></script>
```

Inú `jquery.js` ni irinṣẹ́ wà. `ra.js` ló ń mú irinṣẹ́ náà lò láti sọ fún bọ́tìnì ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n `async` ti sọ fún bíráúsà pé kí fáìlì kankan má dúró de èkejì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sá eré ìje nìyẹn. `ra.js` kéré púpọ̀, nítorí náà ó lè ṣáájú dé lórí ìsopọ̀ tó ń fà. Yóò wá irinṣẹ́, kò ní rí i, yóò sì dá iṣẹ́ dúró síbẹ̀. Bọ́tìnì wà lójú, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí Console yóò bá a níbẹ̀:

```
Uncaught ReferenceError: $ is not defined
```

Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù ti fi `jquery.js` pamọ́, kò tún ní láti rìnrìn-àjò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́.

Títẹ bọ́tìnì léraléra kò lè fi àṣìṣe yìí hàn dájú. Àkókò ni kí èèyàn dì mú. Nínú Chrome, a ó tẹ F12, a ó ṣí Network, a ó mú Disable cache, a ó yan 3G, a ó sì tún ojú-ewé ṣí láìpa fèrèsé náà dé. Bí ìyẹn kò bá tó, kí sáfà mọ̀ọ́mọ̀ dá `jquery.js` dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3: bọ́tìnì yóò kọṣẹ́ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, kí ó dá `ra.js` nìkan dúró: bọ́tìnì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ti ba okùnfà.

Irú àṣìṣe yìí ti pa èèyàn rí. Ní 1986, ní ìlú Tyler, ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹ̀rọ Therac-25 tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ da ìtànṣán àpọ̀jù lu aláìsàn méjì, àwọn méjèèjì sì kú. Àwọn ẹnjiníà tó dán ẹ̀rọ náà wò lẹ́yìn ìjàǹbá àkọ́kọ́ kò rí i kó tún ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ló rí ìdí rẹ̀: bí èèyàn bá yára ṣàtúnṣe ohun tó tẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń to ara rẹ̀, ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé àtúnṣe ti wà. Ìyára ọwọ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní ti bọ́tìnì wa, `defer` ni kó rọ́pò `async` nínú ìlà méjèèjì. Àwọn fáìlì yóò ṣiṣẹ́ bí a ṣe tò wọ́n, èyíkéyìí tó wù kó kọ́kọ́ dé. Kí a wá tún ìdánwò ìṣẹ́jú-àáyá 3 náà ṣe. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí a kọ tààrà sínú ojú-ewé, tí kò ní `src`, kì í ka `defer` sí. Bí irú rẹ̀ bá ń lo jQuery, a gbọ́dọ̀ kó o sínú fáìlì tirẹ̀.