Èèyàn Méjìlá Tó Sọnù Nínú Excel

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá ti gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó pín in fún, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé pírójẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku kó tẹ ìdáhùn sínú Excel, kó ya ṣáàtì, kó sì kó o lọ bá alámòójútó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan bi 120 èèyàn ní ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ń lo fóònù, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jọ tẹ ìdáhùn wọn. Òpó B ni wọ́n kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Láti ka àwọn ọkùnrin, ó tẹ èyí:

```
=COUNTIF(B2:B121,"Male")
```

Excel ní 47 ni. Ó fi `Female` rọ́pò, ó rí 61. Ẹ ro ó pọ̀: 108. Èèyàn 12 ti sọnù, Excel kò sì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìròpọ̀ yìí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe lórí gbogbo ìbéèrè, kó tó ronú kan ṣáàtì.

Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kọ́ ló fà á, nítorí `male` àti `Male` kò yàtọ̀ lójú COUNTIF. Nígbà tó wo òpó náà dáadáa, ó rí `M` mẹ́rin, `F` méjì, àti ẹnì kan tí kò dáhùn rárá. Ó ṣì ku márùn-ún. Àwọn yẹn ni ojú lásán kò lè rí: ẹni tó tẹ̀ wọ́n fi àlàfo kan sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. `=LEN(B2)` ló máa ń tú wọn fó, torí pé lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú `Male`. Bó bá ní márùn-ún, àlàfo wà níbẹ̀.

Kó tó tún ohunkóhun ṣe, kó tẹ orúkọ ojú ewé náà nísàlẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún, kó mú `Move or Copy`, kó sì fàmì sí `Create a copy`. Èyí àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yí padà mọ́. Kó tún fi bírò kọ nọ́ńbà sórí ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ nọ́ńbà náà sí òpó A, kó lè padà sídìí ìwé bí iyèméjì bá dé.

Lẹ́yìn náà, kó tẹ `=TRIM(B2)` sínú òpó tó ṣófo, kó fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kó da gbogbo rẹ̀ kọ, kó sì fi `Paste Values` gbé e padà sórí òpó B. Àlàfo á lọ. Ní ti `M`, `Find and Replace` ló máa tún un ṣe, àmọ́ kó ṣọ́ra: bí kò bá fàmì sí `Match entire cell contents`, gbogbo m tó wà lójú ewé ni Excel á yí padà. `Male` á di `Maleale`, `Female` á di `FeMaleale`.

Nígbà tó tún un kà, ọkùnrin di 56, obìnrin 63, ẹnì kan kò dáhùn. Ó pé 120. Àwọn 119 tó dáhùn ni kó fi ṣírò ìdá ọgọ́rùn-ún, kó sì kọ 119 náà sábẹ́ ṣáàtì.

Òpó wákàtí tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ `3-5` láti fi hàn pé wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lèèyàn ń lò, Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ nínú oṣù, bóyá `03-May`. Bó bá wá yí òpó náà sí `Text` lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́ tán, nọ́ńbà bíi `45780` ló máa rí. Kó yí i sí `Text` kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tàbí kó kúkú tẹ `3 to 5`.

Ó wá kan ṣáàtì. Èmi ò jẹ́ lo ṣáàtì roboto tó ga sókè bí àkàrà òyìnbó, torí apá tó wà níwájú máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lójú. Ṣáàtì olópòó lásán ló dára. Àmọ́ kódà òun náà lè tanni jẹ. Nítorí pé 56 àti 63 súnmọ́ra, Excel lè bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ ṣáàtì láti 52 dípò òdo. Òpó obìnrin á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ èèyàn méje péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Kó tẹ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kọ 0 sí `Minimum`.

Níkẹyìn, kó fi `Data Labels` kọ iye sórí òpó kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ ojú ewé kan jáde ní dúdú àti funfun. Bí pupa àti àwọ̀ ewé bá jọ di eérú kan náà lórí bébà, kó mú àwọ̀ kan kó dúdú dáadáa, kó sì jẹ́ kí èkejì mọ́lẹ̀.