Ẹ tún fọ́tò ẹ̀yìn ṣe kí ẹ tó gbé ènìyàn lé e

Ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń fi GIMP gbé àwòrán ẹbí sórí fọ́tò etí òkun Kutonu. Tí ìlà ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí a gbé lé e á dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀, òun náà á tẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ìlà náà tẹ̀ bí ọrun, nítorí ìlà tó tẹ̀ kò ṣeé wọ̀n. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ ń kó ibi gbòòrò ló máa ń fà á. Tí ìlà òkun bá wà ní apá òkè fọ́tò, tí àárín rẹ̀ sì wú sókè, ẹ lọ sí `Filtres > Distorsions > Distorsion d'objectif`, kí ẹ fa `Principal` sí ìsàlẹ̀ òdo díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi tọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú `Mesure`, ẹ fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà òkun dé òpin rẹ̀, kí ẹ tẹ `Redresser`. Lórí fọ́tò tó fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 4000, tí apá òsì bá fi 70 rẹlẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, nǹkan bíi 1° ló fì. Àwọn igun fọ́tò á ṣófo. Ẹ gé wọn kúrò.

Ti ọ̀sà yàtọ̀ o: etí ọ̀sà tó ń jìnnà lọ lè fì lójú láìsí àṣìṣe kankan. Òpó tó dúró ṣánṣán nítòsí àárín fọ́tò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.